Lẹ́tà tí mo kọ sí dókítà lórí mílígíráàmù mẹ́wàá

Ọjọ́bọ̀ ni, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọbìnrin kan mú ìwé oògùn ìyá rẹ̀ wọ ilé oògùn tí mo ń bójú tó n'Íbàdàn. Ìyá náà jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá níta, torí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ni wọ́n ti ń bọ̀. Láti aago méje àárọ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀, ohun tí ọmọ náà sì fẹ́ ni kí n ka oògùn sí ọ̀rá kíá kí wọ́n lè máa lọ sílé.

Oògùn méjì ló wà lórí ìwé náà. Ìkejì, ìyẹn fólíkì ásíìdì, fítámì tí wọ́n ń fi dín wàhálà oògùn èkíní kù lára, hàn kedere: mílígíráàmù márùn-ún, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èkíní ló dá mi dúró. Ohun tí wọ́n kọ ni "Tab MTX 10mg", lẹ́yìn náà lẹ́tà kékeré méjì, lẹ́yìn náà "x 4/52". Mẹtotirẹkiséètì ni wọ́n gé kúrú sí "MTX". "4/52" túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú méjìléláàádọ́ta tó wà nínú ọdún. Lẹ́tà kékeré méjì yẹn ló kù. Èkíní jẹ́ "o", kò sí iyàn jíjà níbẹ̀. Èkejì, bí mo bá gbé ìwé sórí káńtà, "d" ni, ìrù rẹ̀ ga díẹ̀. Bí mo bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, mo ń rí "w" tí bírò fò lórí rẹ̀ níbi tó yẹ kó ti yí.

Nínú iṣẹ́ wa, "od" ni ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún kìíní nílé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n. "ow" ní tirẹ̀, àwọn dókítà kan máa ń fi ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí gbogbo wa fẹnu kò sí, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń sáré kà á sí "od". Ojú ẹni a máa rí ohun tó ti mọ́ ọn lára.

Hóró tí a ní lórí pẹpẹ jẹ́ ti mílígíráàmù méjì àbọ̀. (Ti mílígíráàmù mẹ́wàá wà lọ́jà. Mi ò jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, torí àwọn méjèèjì lè jọra tí ẹni tó ti rẹ̀ á fi mú ọ̀kan fún èkejì.) Mẹ́wàá yẹn, hóró mẹ́rin ni. Bó bá jẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, hóró 16 ni màmá máa gbé lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bó bá jẹ́ lójoojúmọ́, hóró 112 ni. Ká ní dókítà kọ iye hóró tó fẹ́ kí n kà fún wọn ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí níbẹ̀. Kò kọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ oògùn yìí lè rò pé àṣejù apòògùn ni. Ohun tó ń ṣe lára rè é. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pín sí méjì nílò fóléètì, irú èròjà tó wà nínú ẹ̀fọ́. Mẹtotirẹkiséètì kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè lo fóléètì náà bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ìwọ̀n ńlá rẹ̀ fún jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì ń lo ìwọ̀n kékeré rẹ̀ fún irú làkúrègbé tó jẹ́ pé ara fúnra rẹ̀ ló ń gbógun ti oríkèé. Ìwọ̀n kékeré yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń pín ní kíákíá jù lára, ìyẹn ti mùdùnmúdùn eegun, ti awọ inú ẹnu àti ti ìfun, ni oògùn yìí kọ́kọ́ ń bá. Bí ọjọ́ mẹ́fà bá wà láàárín, wọ́n á mí, wọ́n á padà bọ̀ sípò. Bí wọ́n bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, kò sí ìsinmi. Oògùn náà sì máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì kó dúró síbẹ̀, tòní á bá tàná nílé.

Ohun tí àwọn ará ilé máa kọ́kọ́ rí ni egbò ẹnu, kí oúnjẹ máa ta aláìsàn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ibà, ọ̀fun dídùn, ìgbẹ́ gbuuru, kí ara máa yọ àmì bí ẹni tó fara gbá nǹkan. Nílùú wa níbí, a ó sọ pé ibà ẹ̀fọn ni, a ó sì ra oògùn ibà sí i. Ẹni tó tètè dé ilé ìwòsàn, oògùn kan wà tí wọ́n fi ń gbà á, ìyẹn fólínìkì ásíìdì. Ẹni tó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ funfun á ti tán lára rẹ̀. Àwọn èèyàn ti kú báyìí ní orílẹ̀-èdè tí ìwé oògùn wọn mọ́ ju tiwa lọ. Lọ́dún 2020, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Bìrìtìkó tún ní láti kìlọ̀ pé kí ẹni tó bá kọ mẹtotirẹkiséètì máa dárúkọ ọjọ́ tí aláìsàn máa lò ó lọ́sẹ̀.

Mo jáde lọ bá màmá nínú Márúwá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Alájà, kí ni dókítà sọ fún yín nípa oògùn tuntun yìí?"

Wọ́n ní, "Ó ní kí n máa lò ó lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ àbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀?"

Wọ́n wò mí. "Ẹ̀ẹ̀kan ló wí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó tẹnu mọ́ ọn gan-an."

Mo bi wọ́n nípa àìsàn wọn. Wọ́n nawọ́ sí mi. Oríkèé àwọn ìka wú ní ọwọ́ méjèèjì lọ́gbọọgba, wọ́n sì ní láàárọ̀ ó ń tó wákàtí kan kí ọwọ́ tó ká. Wọn ò ní jẹjẹrẹ, wọn ò lo oògùn náà rí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí, àti fólíkì ásíìdì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ ń sọ fún mi pé "w" ni. Bí ẹ bá ní kí n ta tẹ́tẹ́ níjọ́ náà, mo máa ta á sí "w".

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú mi ló kọ ìwé oògùn. Apòògùn tó bá fi òye gbé ohun tí kò lè kà, ó ti di pé òun ló kọ oògùn, láìrí fáìlì, láìrí èsì àyẹ̀wò. Kò sì sí ohun tó ń lé wa. Mẹtotirẹkiséètì kì í ṣe oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e mì. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí aláìsàn tó mọ̀ pé nǹkan ń yí padà. Kí màmá dúró di ọ̀la kò ní pa wọ́n lára rárá. Ká ní ínsúlíìnì ni, tàbí oògùn gìrì, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀; níbẹ̀, dídúró fúnra rẹ̀ lè pani.

Ibi tí èmi náà ti ṣìṣe rè é. Kò sí nọ́ńbà fóònù lórí ìwé oògùn, ìbuwọ́lù dókítà sì dà bí ekòló tó rìn lórí iyanrìn. Ọmọ náà rí nọ́ńbà ẹ̀ka wọn lẹ́yìn káàdì ìyá rẹ̀. Mo pè é. Nọ́ọ̀sì kan gbé e, ariwo wà lẹ́yìn rẹ̀, ó hàn pé wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìwé oògùn kan ló wà lọ́wọ́ mi, ṣé "od" ni dókítà kọ síwájú mẹtotirẹkiséètì?"

Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n, od ni. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́."

Kò wo fáìlì. Kò bi dókítà. Mi ò dá a lẹ́bi, torí èmi ni mo fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ẹni tí iṣẹ́ ti sú, tí ẹ bá ní "ṣé báyìí ni?", bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí fáìlì, kí ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ sí mi létí." Mo dúpẹ́, mo pa fóònù, mo sì wá mọ̀ pé ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ mi báyìí burú ju àìmọ̀ lọ. Ẹlòmíì ìbá ti ka hóró 112 lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun pe ilé ìwòsàn.

Ìgbà náà ni mo mú ìwé jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ lẹ́tà náà, bí a ṣe máa ń ṣe. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá síbí. Mo yọ orúkọ kúrò.

"Sí dókítà tó kọ ìwé oògùn yìí. Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́.

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Nípa aláìsàn yín, obìnrin ẹni ọdún 68, nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ wà lókè, ẹni tí ẹ kọ oògùn fún lónìí.

Ní ìlà kìíní, ẹ kọ mẹtotirẹkiséètì 10 mg. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí iye ìgbà tó yẹ kó lò ó. Lẹ́tà kejì níbẹ̀ lè jẹ́ 'd', ó sì lè jẹ́ 'w'. Mo fi ẹ̀dà ìwé náà sẹ́yìn lẹ́tà yìí, mo sì fi bírò pupa yí ibẹ̀ po.

Bí mo bá kà á sí ojoojúmọ́, hóró 112 ti 2.5 mg ni mo máa fún un. Bí mo bá kà á sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, hóró 16 ni.

Aláìsàn ní oríkèé ni ẹ ń bá òun tọ́jú àti pé òun kò lo oògùn yìí rí. Mi ò tíì fún un ní hóró kankan, mi ò sì ní fún un títí n ó fi rí èsì yín. Ẹnì kan dáhùn mi lórí fóònù ẹ̀ka yín lónìí, ṣùgbọ́n kò wo fáìlì, mi ò sì lo ìdáhùn náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìwọ̀nyí sísàlẹ̀ lọ́rọ̀, láìgé e kúrú: iye mílígíráàmù fún ẹ̀ẹ̀kan, ìgbà tó máa máa lò ó, ọjọ́ tó máa lò ó, bí kì í bá ṣe ojoojúmọ́. Alájà sọ pé kò sí bí àwọn ṣe lè gbàgbé ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí i."

Ìbuwọ́lù mi, orúkọ mi, nọ́ńbà mi. Kò ju ojú ìwé kan lọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì fà á ya. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún dókítà ohun tí oògùn náà ń ṣe fún mùdùnmúdùn eegun, bí ẹni pé kò mọ̀. Mo tún ti fi ìbéèrè mẹ́ta mìíràn sí i. Lẹ́tà tó bá ní ìbéèrè mẹ́rin, èyí tó rọrùn jù ni wọ́n máa ń dáhùn, wọ́n á sì fi èyí tó le sílẹ̀. Iye hóró méjèèjì tí mo fi síbẹ̀ ló wúlò jù lójú mi. Dókítà lè fojú fo "d" tàbí "w", ṣùgbọ́n bó bá rí 112 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 16, ojú rẹ̀ á là. Mi ò sì sọ èyí tí mo rò pé ó fẹ́. Mo ti ṣe ìyẹn lórí fóònù, ẹ ti rí ibi tó gbé mi dé.

Mi ò lẹ àpòòwé náà. Mo ka lẹ́tà náà fún ọmọ wọn kó tó gbà á, torí òun ló máa ru ú lọ láàárọ̀ ọ̀la, ìyá rẹ̀ ló sì ni ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé dókítà yẹn ò mọṣẹ́ ni?"

Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ni mi ò lè kà." Mo sọ fún un pé kó má fi fún nọ́ọ̀sì, kó má fi sílẹ̀ lórí tábìlì, kó dúró títí dókítà á fi kọ èsì lójú rẹ̀. Ó fajú ro. Owó ọkọ̀ ni, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Mi ò ní ohun tí mo lè fi tù ú nínú ju pé a ó bá a tọ́jú oògùn náà sílẹ̀ kó má bàa tún tò nígbà tó bá dé.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni fóònù mi dún. Dókítà náà ni. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní, "Mà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. 'ow' ni mo kọ. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní nígbà tí òun ṣí fáìlì láti dá lẹ́tà mi lóhùn, òun bá èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀ yẹn nínú rẹ̀. Kíndìnrín màmá kò ṣiṣẹ́ dáadáa tó bí òun ṣe rò. Kíndìnrín ló ń gbé mẹtotirẹkiséètì jáde lára. Bó bá lọ́ra, oògùn á pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe mẹ́wàá mọ́. Mílígíráàmù méje àbọ̀ ni, hóró mẹ́ta, kí wọ́n sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Tẹ́tẹ́ tí mo fẹ́ ta lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ìdajì ni mo ìbá jẹ. Èsì náà kò tíì dé nígbà tí wọ́n kọ ìwé oògùn, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè rí i nínú rẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó.

Mo tún un sọ padà fún un lórí fóònù: "Mílígíráàmù méje àbọ̀, hóró mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Dókítà, mo ṣì ń dúró de ìwé o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti wà lọ́wọ́ ọmọ wọn. Nígbà tí ìwé náà dé, lẹ́tà ńláńlá ló fi kọ ọ́, ó kọ méje àbọ̀ lọ́rọ̀ dípò "7.5", torí ẹni tí kò bá rí àmì kékeré àárín yẹn, márùndínlọ́gọ́rin ló máa kà. Èyí kò sí nínú ohun tí mo béèrè.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti ilé. Ibi tí Yorùbá ti lè da nǹkan rú ni iye ọjọ́. Bí mo bá ní kí Alájà máa lò ó "ní ọjọ́ méje méje", wọ́n lè ka ọjọ́ tí wọ́n lò ó mọ́ ọn, bí a ṣe ń ka ọjà, bí a ṣe ń ka ìkómọ ọjọ́ kẹjọ. Bí wọ́n bá kà á bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan á ti dín nínú ìsinmi àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn, ọjọ́ lílo oògùn á sì máa yí kúrò lórí Jímọ̀. Mi ò fi iye ọjọ́ kankan sórí rẹ̀. Mo kọ "Jímọ̀ nìkan, lẹ́yìn ìrun alẹ́". Mo pín hóró méjìlá sínú àpòòwé kékeré mẹ́rin, mẹ́ta mẹ́ta, mo kọ déètì Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan sára wọn. Fólíkì ásíìdì bọ́ sí Àtìní, àpòòwé funfun ni mo lò fún un kí ó má bàa dàpọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀.

Mo bi wọ́n ní oògùn tí wọ́n máa ń rà fúnra wọn. Dikilófẹ́nàkì wà nínú báàgì wọn fún orúnkún. Mo pe dókítà padà, ó ní kí wọ́n dá a dúró nítorí kíndìnrín. Mo sì sọ fún ọmọ wọn pé inú tó ń run o, ìtọ̀ tó ń gbóná o, kó má ra sẹ́pítírìnì fún ìyá rẹ̀ lọ́nàkọnà, torí ibi fóléètì yẹn náà ni sẹ́pítírìnì ń lù, àwọn méjèèjì pọ̀ léwu gan-an. Egbò ẹnu, ibà, ọ̀fun dídùn: kí wọ́n má gbé àpòòwé tó kàn mì, kí wọ́n máa bọ̀ nílé ìwòsàn.

Alájà gba àpòòwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Mo ṣebí mo sọ fún ẹ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

Mo so lẹ́tà àti èsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀dà ìwé oògùn, mo kọ déètì àti ohun tí nọ́ọ̀sì sọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, mo kọ ìbéèrè tí èmi bi í pẹ̀lú, bí mo ṣe bi í gan-an.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọmọ náà mú ìwé oògùn tuntun wá, àpòòwé mẹ́rin tó ti ṣófo sì wà nínú báàgì rẹ̀. Orúkọ oògùn wà níbẹ̀ ní kíkún, "once weekly on Friday" sì tẹ̀ lé e. Nísàlẹ̀, fólíkì ásíìdì, mílígíráàmù márùn-ún, "od". Lọ́tẹ̀ yìí, ó hàn gbangba pé "d" ni. Mo mú ìwé mìíràn jáde.